Ìkòkò Epo, Má Fọ̀

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá, 1981

Lẹ́tà dé láti iléeṣẹ́ rédíò ní Àkúrẹ́. Píríǹsípà kà á fún gbogbo àwa olùkọ́ bí ẹni ń ka ìwé Ìfihàn. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò àlọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé, àárọ̀ Sátidé. Àlọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ní Yorùbá, ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí iléèwé kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù ni yóò máa ṣe ètò náà fún ọdún kan gbáko, wọ́n á sì gbé e lọ sí Àkúrẹ́.

Àkúrẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ Yorùbá ní Ìdànrè yìí, tí mò ń kọ àmì ohùn sójú pátákó fún àwọn ọmọ tó ń wo ojú fèrèsé.

Ta sì ni ọ̀gá fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́? Dúrójaiyé. Gírámà ni mo sọ ọ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti yunifásítì dé lọ́dún tó kọjá, tó ń fi táì gba oòrùn. Ọ̀gá ní Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé ni yóò kọ ọ́, Miss Olútóyìn yóò sì túmọ̀ rẹ̀.

Túmọ̀ rẹ̀. Àlọ́ Yorùbá ni kí n lọ túmọ̀ sí Yorùbá.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Yes, sir."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹwàá

Wákàtí kan ni Gírámà fi kọ tirẹ̀ tán. Ó nà án sí mi bí ẹni ń tọrẹ. "Once upon a time there lived a certain Tortoise who was exceedingly cunning." Exceedingly. Ìjàpá tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé kóòtù: "I beg to inform Your Majesty." Kò sí orin kankan níbẹ̀. Mo bi í pé orin ńkọ́. Ó ní orin kì í ṣe ara ìtàn, ó kàn ń dá ìtàn dúró ni.

Ẹni tí ẹnì kan ò pàlọ́ fún rí láyé rẹ̀. Òun ni wọ́n fún ní dìgírì.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá ní ṣé mo ti túmọ̀ rẹ̀ tán. Mo ní ó ku díẹ̀. Mi ò tíì kọ lẹ́tà kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹwàá

Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wo kòkó tí wọ́n ń fọ́ ní oko wa lọ́nà Òfòsù. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, Babárìndé ló ń bójú tó oko náà. Ará Ìwó ni, ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lọ́dọ̀ wa. Onímú ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Imú rẹ̀ ti dí láti kékeré. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ, imú ló ń gbà jáde, bí ẹni tó ki ẹnu bọ agbè.

Èèyàn mẹ́fà jókòó yí òkìtì kòkó ká. Wọ́n ń fi àdá là á, wọ́n ń họ èso rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Onímú sì ń pàlọ́. Lọ́sàn-án gangan. Mo fẹ́ sọ fún un pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, àmọ́ mo ti jókòó, mo ti ń gbọ́.

Ọba kan ń gbé lórí òkè. Òkè tiwa ni o, Òkè Ìdànrè gan-an. Àlejò ará Ìwó ti gbé Ìjàpá gun àtẹ̀gùn wa. Ọ̀pẹ kò sí lórí òkè náà, ìsàlẹ̀ lepo wà. Gbogbo ẹni tí ọba bá rán pé kó gbé epo gòkè, á ṣubú, ìkòkò á fọ́. Ìjàpá ní òun á gbé e. Ó gbé e, ó gùn, ó gùn, ó gùn. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó wò yí ká. Ó ki ìka kan bọ̀ ọ́, ó lá a. Ẹ̀rù wá bà á pé ìkòkò á lọ fẹjọ́ òun sun ọba. Ló bá kọrin fún un:

Ìkòkò epo, má fọ̀ o —
Jẹ́jẹ́ là ń gòkè.
Bó o bá fọ̀, n ó fọ́ ọ —
Jẹ́jẹ́ là ń gòkè.
Mo lá díẹ̀, ó ku díẹ̀ —
Jẹ́jẹ́ là ń gòkè.

Àwọn tó ń fọ́ kòkó ló ń gbè é. Àdá wọn ń bọ́ sórí "jẹ́", ó tún ń bọ́ sórí "gò". Ibi ìsinmi kejì, orin. Ìjàpá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibi ìsinmi kẹta, orin. Ó ki orí bọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa dé iwájú ọba, ìkòkò ti gbẹ táútáú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ kọ, ó fi ìkòkò ṣánlẹ̀, gbàgà. Ó figbe ta pé epo Kábíyèsí ti dànù. Ọba wo ilẹ̀. Ó rí àpáàdì. Kò rí epo. Ọba ní, "Ìjàpá, ìkòkò fọ́, ilẹ̀ gbẹ. Ibo lepo dà sí?" Ìjàpá lanu kó purọ́, epo ń kán lẹ́nu rẹ̀, tó, tó, tó. Ó yára fa orí sínú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ èèyàn títí dòní, orí ló máa kọ́kọ́ fi pa mọ́.

Mi ò rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ojú ọ̀nà ni mo ti rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣé irú èyí ló yẹ kó máa ṣòfò láàárín èèpo kòkó? Mo ti mú un. Ó ti di tèmi.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹwàá

Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì ń ríran, èmi ń fi ìka ka orin lábẹ́ ṣútánà. Jẹ́-jẹ́-là-ń-gò-kè. Sílébù mẹ́fà. Ohùn òkè méjì, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbéra díẹ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni tó gbé ẹrù tẹsẹ̀ lé òkúta ló rí, tó dúró, tó mí.

Òkodoro rẹ̀ wà nínú "fọ̀" àti "fọ́". Má fọ̀, ìyẹn ni pé kó má sọ̀rọ̀. N ó fọ́ ọ, ìyẹn ni pé yóò di àpáàdì. Ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ìjàpá fi ohùn kan ṣoṣo dẹ́rù ba ìkòkò. Kí Gírámà lọ wá ìyẹn kàn nínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀.

Ohùn Ìjàpá ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá mọ àlọ́ í pa ló mọ̀ pé Ìjàpá máa ń ránmú. Onímú ti fún mi ní imú náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúró níwájú dígí, mo fi ìka di imú díẹ̀, mo gbé ohùn gba ọ̀nà ọ̀fun bíi tirẹ̀, mo fa ìparí ọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Ìyá mi pè láti yàrá pé, "Tóyìn, ṣé Babárìndé ló wá ni?"

Inú mi dùn dé ìdí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Gírámà pé kó da ìwé rẹ̀ nù, àlọ́ tuntun rèé láti oko wa. Mo rò pé á bínú. Ó kàn ní kí n kọ orin náà fún òun gbọ́. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n tún un kọ. Ó bọ́ táì.

Ó kọ́kọ́ kọ eléyìí: "O pot of oil, do not speak. If you speak, I shall break you. Slowly we are ascending the hill." Mo ní ta ló máa gbè é? Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wo ni wọ́n ti ń gbe irú ègbè yẹn? Mo ní kó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bó ṣe ń wí i. Ó fi bàtà rẹ̀ tó ń dán lu ilẹ̀. "Slowly we are ascending" kò bá ẹsẹ̀ mu. Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ojú tì í, mo rí i.

A wá a títí aago ìjáde fi lù. Èmi ni mo rí ègbè: "Easy does it, uphill." Ó pé mẹ́fà. Ẹsẹ̀ gbà á. Ó tún jẹ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ máa ń wí fún ẹni tó ru ẹrù ẹlẹgẹ́.

"Fọ̀" àti "fọ́" ló kù. Mo ní kò lè ṣeé ṣe, kó fi í sílẹ̀. Ló bá ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Spill." Mo ní kí nìyẹn? Ó ní bí epo bá dà sílẹ̀, spill ni. Bí èèyàn bá tú àṣírí, spill náà ni.

Pot, oil pot, don't you spill,
Easy does it, uphill.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì, bíi tiwa. Kì í ṣe ohùn ló yà wọ́n níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ yà rárá. Orí mi wú. Mi ò sọ fún un.

Òmùgọ̀ náà a máa ṣe kòńgẹ́ ọgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹwàá

Ìjà. Gírámà fẹ́ kí Ìjàpá máa sọ pijin nínú Gẹ̀ẹ́sì. "I no chop di oil, oga." Ó ní ìyẹn ló máa gbé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ jáde. Mo ní rárá. Ìjàpá kì í sọ èdè tó rẹlẹ̀ ju ti ọba lọ. Yorùbá kan náà lòun àti ọba jọ ń sọ. Òun tilẹ̀ gbọ́ ọ ju ọba lọ. Ọ̀nà tó ń gbà sọ ọ́ ló yàtọ̀: gbólóhùn kúkúrú, àsọtúnsọ, ìbúra kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. Bí a bá fún un ní pijin, àwọn ọmọ á máa fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò ní gbọ́ irọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó gbà. A kọ ọ́ báyìí: "Did I touch it? I did not touch it. Look at my hands. My hands are clean." Ní Yorùbá: "Ṣé mo fọwọ́ kàn án? Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi mọ́." Wọ́n bára dọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ó ti lá a.

"Ó gùn, ó gùn, ó gùn" ni ó fẹ́ sọ di "he climbed for a long time". Mo pa á rẹ́. "He climbed and he climbed and he climbed."

Ìṣòro kan ṣì wà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣáájú. Bí ẹni tó gbọ́ méjèèjì bá ti mọ ìparí, kí ló tún ń gbọ́ Yorùbá fún? Mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Mo pinnu pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa bá ìrìn lọ kíákíá, orin lẹ́ẹ̀kan ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Kí Yorùbá máa falẹ̀ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sáré: ìka, ọwọ́, orí, kí orin máa gùn sí i bí epo ṣe ń dín kù. Ẹni tó ti mọ̀ pé wọ́n á mú un ló máa gbádùn irọ́ rẹ̀ jù.

Mo ṣàlàyé èyí fún píríǹsípà. Ó ní ṣé mo ti túmọ̀ rẹ̀ tán.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kẹwàá

Àkúrẹ́. Yàrá kan tí wọ́n fi fóòmù bo ara ògiri rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ètò náà ni Catherine, obìnrin kékeré kan tó ń fi abẹ gé téèpù bí ẹni gé ilá, tí kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Iléèwé mẹ́rin ló ṣáájú wa. Mo gbọ́ wọn lẹ́yìn gíláàsì. Ìjàpá mẹ́rin, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ìwé ìròyìn.

Gírámà ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka orin, kò kọ ọ́. Ojú tì í níwájú maikirofóònù. Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ wa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lórí.

Ó kàn mí. Mo gbé imú Babárìndé wọ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀, ọ̀fun, ìfà ọ̀rọ̀, ìhùn kékeré tó máa ń hùn kó tó sọ̀rọ̀. Catherine gbé orí sókè. Ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ téèpù fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo ṣe tán, Catherine ní, "Ìjàpá tí mo ti ń wá rèé." Ó ní bí wọ́n bá ti gbé e sáfẹ́fẹ́, òun á kọ̀wé sí iléèwé wa, èmi ni mo máa ṣe ètò náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá.

Gírámà bá mi gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Bí ẹni tó pàdánù ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Aládùúgbò mẹ́jọ kún pálọ̀ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní, "Ohùn ẹni tí mo mọ̀ nìyẹn." Mo ní ohùn Ìjàpá ni.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kọkànlá

Wòlíì pe orúkọ mi lórí pẹpẹ. Àwọn tí kò kí mi rí ń kí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kọkànlá

Mo ti ń di ẹrù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kọkànlá

Oko. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi kí n tó lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń tú kòkó ká lórí ẹní, oòrùn ń pa á. Babárìndé dúró lọ́tọ̀. Kí n tó sún mọ́ wọn, mo gbọ́ tí Mọ́nsúrù, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó dé lọ́dún yìí, tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ké sí i: "Ìjàpá, gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn wá." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ó gbé e wá.

Ọ̀dọ̀ mi ló wá lẹ́yìn náà. Ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ yín nínú rédíò."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ìyàwó mi náà gbọ́ ọ." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Tíṣà, ta ni Ìjàpá inú rẹ̀?"

Mo ní Ìjàpá ni Ìjàpá. Mo ní bí wọ́n ṣe ń pa á látayébáyé nìyẹn, ó máa ń ránmú.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í hùn kó tó sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń hùn." Kò gbé ohùn sókè. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà níbí, Bàbá Babárìndé ni wọ́n ń pè mí. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn, orúkọ yẹn ti lọ. Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àdá mú ló ń pè mí ní Ìjàpá. Lọ́jà Òfòsù pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n lanu kí àwọn wò bóyá epo ń kán."

Mo ní wọ́n á gbàgbé. Mo bínú sí i pé ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá mi. Mo padà sílé láìmu omi.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kọkànlá

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, Babárìndé ló ń gbé wọn pọ̀n lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà yẹn, ẹnì kan ò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Mi ò rò pé ó yẹ kí n ka iṣẹ́ rere fún ọ kí o tó bọ̀wọ̀ fún èèyàn."

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo bi Gírámà bóyá ó mọ̀ pé ohùn ẹnì kan ni mo lò. Ó ní òun mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń múra sílẹ̀ ló ti lọ sóko náà fúnra rẹ̀, kó lè gbọ́ orin lẹ́nu ẹni tó ni ín. Babárìndé kọ́ ọ ní ègbè. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ṣé o máa ń gbọ́?"

Oníwà-àìmọ̀kan. Mo fẹ́ kọ èsì sí i níbí yìí. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bá Catherine. Mo ní kí wọ́n má tún gbé e sáfẹ́fẹ́ mọ́, kí n tún un ṣe láìsí imú náà. Ó ní lẹ́tà méjìlélógójì ló ti dé, imú náà ni gbogbo wọn ń yìn. Wọ́n ti fi ọjọ́ sí i pé wọ́n á tún un gbé sáfẹ́fẹ́ nígbà ìsinmi Kérésì. Ó ní bí mo bá rí èyí tó dára jù ú lọ, kí n mú un wá kí oṣù tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó wà nílẹ̀ náà ni.

Mo ṣe é fún un lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ohùn tèmi. Ó gbọ́ ọ dé ìdajì. Ó ní, "Olùkọ́ ń kọ́ mi. Ìjàpá dà?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kọkànlá

Mo padà sóko. Mo kúnlẹ̀ lórí èèpo kòkó níwájú àwọn tó kù. Mo ní, "Bàbá, ẹ máà bínú. Ohùn yín ni mo jí." Mọ́nsúrù dá iṣẹ́ dúró.

Bàbá Babárìndé ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Mo sọ ohun tí mo bá wá: kí wọ́n bá mi lọ sí Àkúrẹ́, kí àwọn fúnra wọn pa á ní Yorùbá, kí wọ́n dárúkọ wọn lórí rédíò. Èmi á ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá fi àdá wọn gúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Màá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ Ìjàpá tèmi o. Ohùn tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi ń pa gbogbo àlọ́: ohùn ọba, ohùn ìkòkò. Ìjàpá ní ohùn tirẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ wá yẹn, mi ò lè lò ó níwájú yín."

Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní a ó gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kọkànlá

Ọkọ̀ àárọ̀ la wọ̀, èmi, Bàbá Babárìndé àti Dúrójaiyé, tó ní òun fẹ́ gbe ègbè. Bàbá wọ bùbá funfun tí wọ́n fi ń lọ kírun. Wọ́n di ìkòkò kékeré kan sínú àpò, wọ́n ní ìkòkò gidi làwọn máa ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò gbé imú ẹnikẹ́ni wọ̀. Mo jẹ́ kí gbólóhùn kúkúrú ṣe iṣẹ́ rẹ̀. "Did I touch it? I did not touch it." Dúrójaiyé kọ orin lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fi bàtà lu ilẹ̀, Catherine ní kó bọ́ bàtà nítorí ariwo. Ó bọ́ ọ. "Easy does it, uphill." Ó dún bí ẹsẹ̀ lórí òkúta.

Ó kan Bàbá. Wọ́n sọ orúkọ wọn, wọ́n sọ ìlú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo mọ̀, ohùn imú, wọ́n fi sọ ti ọba, ti òkè, ti epo. Ìjàpá wá yọjú.

Wọ́n na ọrùn. Wọ́n ká ètè pọ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ tónítóní, àmì ohùn pé sórí rẹ̀ bí ẹni ń kọ ọ́ sójú pátákó. Imú wọn ṣì dí, síbẹ̀ mi ò gbọ́ imú náà mọ́. "Ṣé. Mo. Fọwọ́. Kàn án?" Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bíńtín ní igun ẹnu. "Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọwọ́ mi."

Dúrójaiyé wò mí, ó sì yára wo ilẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ kò mọ̀ mí dáadáa, òun náà wò mí.

Èmi ni.

Èmi tí mò ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ pé kó má fọ̀. Èmi tí mo lá epo tí kì í ṣe tèmi, tí mo sì ń búra. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó dùn. Ìjàpá tó mọ Yorùbá ju ọba lọ, tó rò pé ẹni tó bá ti mọ̀rọ̀ sọ kò lè jalè. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Dúrójaiyé nípa Ìjàpá, Bàbá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti rí ẹni tó bá a mu. Mo gbe ègbè pẹ̀lú Dúrójaiyé. Jẹ́jẹ́ là ń gòkè. Mo gbè é títí ó fi parí.

Catherine dá téèpù dúró. Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Ìjàpá Gẹ̀ẹ́sì àti Ìjàpá Yorùbá jẹ́ ẹnì kan náà." Ó rò pé a jọ fẹnu kò sí i ni. Ó mú téèpù tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi abẹ gé e lójú wa. Ó ní ètò náà ti di ti èèyàn méjì: èmi ní Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá ní Yorùbá, bí wọ́n bá lè máa wá ní ọjọ́rú-ọjọ́rú. Bàbá ní kòkó ti fẹ́ parí, àwọn á lè máa wá.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà, mo jókòó ti Bàbá. Mo ní, "Bàbá, ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́, Tíṣà. Bàbá yín náà máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ tiwọn máa ń lọ bí ebi bá ń pa wọ́n."

Wọ́n gbé ìkòkò wọn lé itan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú nítorí kòtò.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kọkànlá

Ọmọlará, ọmọ kíláàsì kẹta, ka àyọkà kan lónìí, ó ka àmì ohùn rẹ̀ sódì látòkè délẹ̀. Mo dìde kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo na ọrùn. Ọ̀rọ̀ kìíní jáde, mo sì gbọ́ Ìjàpá nínú rẹ̀.

Mi ò sọ ìkejì. Mo ní kó jókòó, kó tún un kà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń wò mí, wọ́n ń retí ohun tó kù.